Ìdí Iṣẹ́ nínú Ìwé Ìbéèrè Owó Ìrànwọ́: Ìpínṣẹ́ṣe fún Ìtọ́jú Ìsoríkọ́

Nínú ìwé tí àwọn olùwádìí fi ń béèrè owó ìrànwọ́, abala kan wà tí ó ń ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ náà fi yẹ ní ṣíṣe. Abala yìí ni ó ń fún àwọn atúmọ̀ ní wàhálà jù. Àpẹẹrẹ tí ó bá ẹ̀kọ́ yìí mu ni ti ètò tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ará àdúgbò láti tọ́jú àwọn tí ìsoríkọ́ ń bá jà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àlàyé náà dúró lé.

Èkínní ni ìsoríkọ́. Ìbànújẹ́ kò tó fún un, nítorí pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lánàá náà banújẹ́. Ìwé oníbéèrè mẹ́sàn-án tí a fi ń wá àìsàn yìí ń béèrè ohun tí ó ti ń ṣe ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì: bóyá nǹkan kò dùn mọ́ ọn mọ́, bóyá oorun tàbí oúnjẹ ti yí padà, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 27 lọ. Bí atúmọ̀ bá kọ ìbànújẹ́, ètò náà yóò kó àwọn tí kò ṣàìsàn jọ. Bí ó bá kọ wèrè, àwọn tí ń ṣàìsàn yóò sá.

Èkejì ni orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Aláìkọ́ṣẹ́ kò yẹ ẹ́, nítorí pé ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́. Olùrànlọ́wọ́ ìlera àdúgbò sàn jù.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí ó kúrò lọ́wọ́ oníṣègùn bọ́ sí ọwọ́ olùrànlọ́wọ́. Bí atúmọ̀ bá pè é ní ìgbéṣẹ́sílẹ̀, yóò dà bí ẹni pé oníṣègùn ti ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ìpínṣẹ́ṣe ni ó bá a mu: ẹni méjì ni ó ń ṣe é, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn èkejì.

Ẹ̀rí tí àwọn akọ̀wé àbá sábà máa ń tọ́ka sí ti Haráre wá, ní Simbábúwè. Ní 2006, oníṣègùn ọpọlọ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì bá ènìyàn wá ojútùú sí ìṣòro rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ Ṣónà tí ó túmọ̀ sí ríronú jù ni wọ́n ń lò fún àìsàn náà. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, ènìyàn 573 láti ilé ìwòsàn 24 ni ó kópa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 14 nínú 100 àwọn tí wọ́n bá àwọn ìyá náà jókòó ni ó ṣì ní ìsoríkọ́. Lọ́dọ̀ àwọn yòókù, ó tó 50.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó bá dúró síbẹ̀ kò tíì sọ òótọ́ tán. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gurèjé darí ní Nàìjíríà, tí ó jáde ní 2019, gbé ìtọ́jú oníṣísẹ̀-n-tẹ̀lé kalẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́dé. Lẹ́yìn oṣù 12, 76 nínú 100 ni ara wọn yá ní apá kan, 77 sì ni ní apá kejì. Kì í ṣe pé ìpínṣẹ́ṣe kùnà. Àwọn òṣìṣẹ́ apá kejì náà ti gba ẹ̀kọ́ lórí ìsoríkọ́. Nítorí náà, ohun tí a fi ètò wé ṣe pàtàkì: àbá gbọ́dọ̀ sọ irú ìtọ́jú tí àwọn tí kò sí nínú ètò yóò gbà.

Ẹ̀yìn èyí ni ìṣirò. Kí a sọ pé olùrànlọ́wọ́ kan ní wákàtí 12 lọ́sẹ̀, tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan sì gba wákàtí kan. Bí ẹnì kan bá nílò ìjókòó 6, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tó ti ènìyàn 2, ti ọ̀sẹ̀ 40 sì tó ti ènìyàn 80. Akọ̀wé tí ó ṣèlérí 200 ti purọ́ láìmọ̀. Wákàtí ẹni tí yóò máa bójú tó olùrànlọ́wọ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí wọ́n ń béèrè.

Ìbéèrè kẹsàn-án ni ó fi ìdí èyí hàn jù. Ó ń béèrè bóyá ènìyàn ń rò pé ikú yá òun ju ayé lọ, tàbí pé kí òun ṣe ara òun léṣe. Bí ìdáhùn bá ju 0 lọ, kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ nìkan ni yóò dá a gbé. Àbá gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò pè lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá sí ẹni náà, ohun tí ó wà nínú ìwé kì í ṣe ìpínṣẹ́ṣe mọ́; ìgbéṣẹ́sílẹ̀ ni.