Ìwé Kan, Àkékúrú Méjì: Kí Ni Kí A Yọ, Kí Ni Kí A Dá Sí?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe.

Ọ̀rẹ́ màmá mi kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè ọdún 2022 ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè èdè wo ni òun yóò máa fi kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ó pè mí, ó ní, “Ìwọ tí o ń kọ́ nípa èdè, bá mi ka ohun tí Fáfúnwá wọn ṣe ní Ifẹ̀, kí o kọ ọ́ sí ojú ewé kan fún mi. N kò ráyè ka ìwé ńlá.” Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àwa tí a wà ní ọdún ìkẹyìn ń múra ìdánwò, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ní kí n ṣe àkékúrú iṣẹ́ ìwádìí yìí gan-an fún wọn. Mo kọ ẹyọ kan, mo sì fún àwọn méjèèjì. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A”, Modákẹ́kẹ́. Ní kíláàsì àdánwò, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ àti àṣà, àti Yorùbá fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ àkànṣe ló sì ń kọ́ wọn ní i. Ní kíláàsì tí wọ́n fi ṣe ìfiwéra, Yorùbá ni fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọ́n kọ ìwé tuntun ní Yorùbá fún kíláàsì àdánwò. Nígbà tó yá, àbájáde fi hàn pé àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn iṣẹ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1989 ni wọ́n tẹ ìwé tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ jáde ní Ìbàdàn.

Àkékúrú àkọ́kọ́ tí mo kọ kò ju gbólóhùn kan lọ ní kókó rẹ̀: “Ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà ń jẹ́ kí ọmọ ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì.” Nígbà tí Mọ̀mí kà á tán, ó ní, “Ó dára. N óò sọ fún àwọn òbí lọ́jọ́ Ẹtì pé láti sáà tó ń bọ̀, Yorùbá ni. Kò ní ná mi ní nǹkan kan.” Àyà mi já. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo kọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́ ṣe lórí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìwádìí náà dán wò. Níbo ni olùkọ́ àkànṣe wà? Níbo ni àwọn ìwé tuntun wà?

Ẹ rántí ohun tí Teun van Dijk àti Walter Kintsch kọ ní ọdún 1978 nípa bí ènìyàn ṣe ń ké ọ̀rọ̀ kúrú. A máa ń yọ ohun tí ìyókù kò gbára lé. A máa ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe ọ̀pọ̀ nǹkan tó jọra. A sì máa ń fi gbólóhùn kan dípò ọ̀wọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tó so mọ́ra. Èyí ekejì ló mú mi. Èdè tí wọ́n fi kọ́ni, ìwé tuntun àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan mẹ́ta; èmi kó wọn pọ̀, mo pè wọ́n ní “ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí”. Bí a bá ti fi orúkọ ọ̀kan nínú wọn pe gbogbo wọn, òǹkàwé kò ní mọ̀ pé méjì ti sọnù.

Báwo ni a ṣe wá ń mọ ohun tí a óò dá sí? Òfin wọn kò lè dá a pinnu, nítorí ohun tí òǹkàwé fẹ́ ṣe ló ń sọ èyí tó ṣe pàtàkì. Fún ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ dí, ìbéèrè mi ni pé: bí n bá yọ kókó yìí, ǹjẹ́ ìpinnu rẹ̀ lè yí padà? Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà kò lè yí i, ọdún 1970 kò lè yí i. Olùkọ́ àkànṣe lè yí i, nítorí owó oṣù ni. Ohun tí mo tún kọ fún Mọ̀mí nìyí:

“Ohun tí ẹ fẹ́ pinnu ni bóyá kí ẹ fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ títí dé ọdún kẹfà. Ìwádìí Ifẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé Yorùbá tuntun fún iṣẹ́ wọn àti olùkọ́ àkànṣe fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ kò bá ní méjèèjì, ìwádìí yìí kò lè fọkàn yín balẹ̀ pé ẹ óò rí àbájáde kan náà.”

Fún akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè yàtọ̀: bí n bá yọ kókó yìí, ǹjẹ́ ó lè tún àlàyé náà kọ́ láti orí rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò? Ọdún, ibi àti orúkọ tí mo yọ fún Mọ̀mí gbọ́dọ̀ padà wá, nítorí òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi di ọ̀rọ̀ mú. Ìdí tún gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìdí. Bí mo ṣe kọ apá ìjiyàn fún wọn nìyí:

“Kíláàsì àdánwò yàtọ̀ sí ti ìfiwéra ní ju ọ̀nà kan lọ: èdè, ìwé, àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí kíláàsì àdánwò bá ṣe dáadáa jù, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èdè nìkan ló fà á. Àríwísí tí àwọn onímọ̀ ṣe nìyẹn. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà láìpàdánù Gẹ̀ẹ́sì.”

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ àkànṣe wà nínú méjèèjì. Fún Mọ̀mí, ìnáwó ni. Fún akẹ́kọ̀ọ́, ibi tí ẹ̀rí ti mẹ́hẹ ni. Ẹ kíyè sí “kò rẹ̀yìn” náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi tún àkékúrú mi ké, ó sọ ọ́ di “wọ́n ta wọ́n yọ nínú Gẹ̀ẹ́sì”. Ọ̀rọ̀ tó ń fi ìwọ̀n sí nǹkan kúrú, ó sì rọrùn láti jù nù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá gbólóhùn dúró sí ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ dé.

Bí ẹ bá kọ àkékúrú tán, ẹ kọ ohun tí òǹkàwé yóò ṣe tàbí tí yóò dáhùn lẹ́yìn tó bá kà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wá padà sínú ìwé gan-an, kí ẹ wá ojú ewé tó gbè é lẹ́yìn. Bí ẹ kò bá rí i, kókó kan ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀nà yìí náà ní ààlà: bí ẹ kò bá mọ ohun tí òǹkàwé fẹ́ ṣe, ẹ kò lè dá kókó mọ̀ yàtọ̀ sí pàǹtírí, ẹ sì ní láti kọ́kọ́ bi í.

Mọ̀mí ka ojú ewé kejì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Èló ni wọ́n ń san fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì báyìí?” Kò sọ nǹkan kan fún àwọn òbí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn.