Ìdá Gíga Kọ́ Ni Èrè Ńlá

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kò sẹ́ni tí òwe yìí rú lójú, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ká fi owó dókòwò, ẹnu àáké nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù a ní owó nílẹ̀, iṣẹ́ méjì a wà níwájú wọn tí wọn ò lè ṣe pọ̀, akọ̀wé a ṣírò ìdá èrè ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n a mú èyí tí ìdá rẹ̀ ga jù, wọ́n a sì fi owó tó pọ̀ jù sílẹ̀ láìmọ̀. Ó máa ń ká mi lára, nítorí owó ọlọ́mọ ni wọ́n ń fi í ṣòfò. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀wé. Nígbà tí John Graham àti Campbell Harvey bi àwọn ọ̀gá ètò ìṣúná 392 léèrè ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2001, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ní àwọn ń lo ìdá èrè nígbà gbogbo tàbí lọ́pọ̀ ìgbà. Iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí dọ́gba ló sọ bẹ́ẹ̀ nípa èrè lówó òní. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo méjèèjì pọ̀, méjèèjì a sì máa takora nígbà míì. Tí wọ́n bá takora lórí iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, èrè lówó òní ni mo ní ká tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ kan tó ní ilé ìkẹ́rùsí kan ṣoṣo, tó sì ní mílíọ̀nù 10 náírà lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n fi mílíọ̀nù 1 tún òrùlé àti ilẹ̀kùn ṣe, kí wọ́n máa bá àwọn alágbàtà tọ́jú ẹrù. Wọ́n ní lópin ọdún, lẹ́yìn ìnáwó gbogbo, mílíọ̀nù 1.6 ni yóò wọlé. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n fi mílíọ̀nù 10 ra epo pupa lásìkò tí epo pọ̀, kí wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì kún ilé náà, kí wọ́n tà á nígbà tó bá wọ́n, kí mílíọ̀nù 14 lè wọlé. Àyè kò gba ẹrù alágbàtà àti epo pọ̀, ọ̀kan ni wọn yóò ṣe. Ìdá èrè ni iye èlé tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi yá owó iṣẹ́ náà, ẹ ò ní jèrè, ẹ ò sì ní jẹ gbèsè. Ti ìtọ́jú ẹrù jẹ́ 60%, ti epo jẹ́ 40%. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń pàtẹ́wọ́ fún ìtọ́jú ẹrù.

Ẹ wá wò ó lọ́nà kejì, ti èrè lówó òní. Ká ní ẹgbẹ́ yìí rí ibòmíràn tó fọkàn balẹ̀, tí owó wọn ti lè jèrè 25% lọ́dún. Owó ọdún tó ń bọ̀ kò tó owó òní, a ní láti fi 1.25 pín in ká tó mọ iye tó jẹ́ lónìí. Mílíọ̀nù 1.6 di mílíọ̀nù 1.28. Ẹ yọ mílíọ̀nù 1 tí wọ́n ná kúrò, ó ku ₦280,000. Mílíọ̀nù 14 di mílíọ̀nù 11.2. Ẹ yọ mílíọ̀nù 10 kúrò, ó ku ₦1,200,000. Iṣẹ́ tí ìdá rẹ̀ kéré ló mú owó wálé ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Ohun tó fa ìjà náà kò fara sin: ìdá èrè ń sọ bí náírà kọ̀ọ̀kan ṣe ṣiṣẹ́ sí, kò sọ iye náírà tó rí iṣẹ́ ṣe. Ìdá kì í rajà, owó ló ń rà á.

Àwọn tó fẹ́ràn ìdá ní èsì, kò sì yẹ ká gbé e dànù. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe ìtọ́jú ẹrù ṣì ní mílíọ̀nù 9 lọ́wọ́, pé kí ló dé tí a fi ń ṣe bí ẹni pé owó yẹn kò sí? Òótọ́ ni, owó náà wà. Ẹ jẹ́ ká fi í síbi tó ń mú 25% wá. Lópin ọdún, yóò di mílíọ̀nù 11.25. Ẹ fi mílíọ̀nù 1.6 kún un, ó di mílíọ̀nù 12.85. Ẹni tó ra epo ní mílíọ̀nù 14. Mílíọ̀nù 1.15 ló fi jù ú lọ, bí a tilẹ̀ ka gbogbo owó tó ṣẹ́ kù. Ẹ tún wò ó báyìí: mílíọ̀nù 9 tí epo fi gba owó ju ìtọ́jú ẹrù lọ ló mú mílíọ̀nù 12.4 wá. Ìdá èrè àfikún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 37.8%. Ìbéèrè tó yẹ kí ìpàdé máa jiyàn lé lórí nìyí: ǹjẹ́ a mọ ibi tí mílíọ̀nù 9 yìí yóò ti jèrè ju 37.8% lọ? Tí ilé ìkẹ́rùsí mẹ́sàn-án mìíràn bá wà tí wọn yóò mú 60% wá bíi tàkọ́kọ́, ẹ má ra epo o. Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹni tó bá ń fi 60% yangàn láìsọ ibi tí owó tó kù ń lọ ti gbà láìmọ̀ pé ibẹ̀ náà yóò mú nǹkan ńlá wá.

Àwọn mìíràn ní epo léwu, pé owó rẹ̀ lè já wálẹ̀. Èyí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ìdá èrè kò wọn ewu rárá. Bí ẹ bá fẹ́ kó ewu wọ inú ìṣirò, ẹ dín mílíọ̀nù 14 kù sí iye tí ẹ gbà tọkàntọkàn pé yóò wọlé, tàbí kí ẹ fi èlé tó ga ju 25% pín in. A tilẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti yí padà: tí owó epo bá rẹlẹ̀ ju mílíọ̀nù 12.85 lọ, ìtọ́jú ẹrù ló sàn. Kò jìnnà púpọ̀, kò ju nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 lọ. Ẹni tó bá mọ ọjà epo lè jiyàn lórí ìyẹn, iyàn gidi sì ni.

Mo fara mọ́ òwe náà títí dé ibí yìí, nítorí oyin tó pọ̀ ló wà nínú epo. Síbẹ̀, ó ṣi ẹlòmíràn lọ́nà. 37.8% yẹn ni ààlà, tí àwọn onímọ̀ ń fi orúkọ Irving Fisher pè. Tí owó tí a ó lò bá wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtọ́jú ẹrù borí lọ́nà méjèèjì. Kì í ṣe àlá ní Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5%, ẹgbẹ́ tí kò sì lówó nílẹ̀ a máa yá a níbi tí wọ́n ti ń ka èlé lóṣooṣù. Èlé 3% lóṣù, tí a bá ń ka èlé lórí èlé, á tó 42.6% lọ́dún. Ẹ fi 1.426 pín mílíọ̀nù 14, yóò di mílíọ̀nù 9.82, àdánù ₦180,000 sì dé. Ìtọ́jú ẹrù ṣì ní èrè ₦122,000. Nítorí náà, ẹ wo ẹnu àáké dáadáa, àní kí ẹ tó wo oyin, tó bá jẹ́ àáké ayálò. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ yá yín lówó bóyá èlé oṣù ni tàbí ti ọdún, kí ẹ sọ ọ́ di ti ọdún kí ẹ tó ṣírò. Tí ó bá pè é ní 4% lóṣù, 60% ni lọ́dún, gbogbo èrè ìtọ́jú ẹrù pàápàá yóò bá ẹni tó yáni lówó lọ.