Kí O Tó Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi, mo ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fẹ́ fi bẹ Ìyá Ìbejì nítorí ariwo ọjọ́ ìbí rẹ. Jọ̀ọ́, má tíì fi ránṣẹ́. Ohun tí o kọ nìyí:

«Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ máa bínú o, tí ariwo wa bá dí ẹ lọ́wọ́ lálẹ́ àná. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ìbí mi ni, àwọn ọ̀rẹ́ mi ni wọn kò tètè lọ.»

Wo «ẹ máa bínú» yẹn dáadáa. O ń sọ fún ìyá pé kí wọ́n máa bá ìbínú wọn lọ nìyẹn! «Ẹ má bínú» lo fẹ́ kọ. Bí fóònù rẹ ò bá ní àmì ohùn, a kan ṣoṣo ni kí o tẹ̀, tàbí kí o kúkú kọ «ẹ forí jì mí», tí kò ṣeé ṣì kà.

Lẹ́yìn náà, «dí ẹ lọ́wọ́». Ẹ tó ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ẹ ọ̀wọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹlẹgbẹ́ ẹni là ń lò ó fún. «Dí yín lọ́wọ́» ló yẹ àgbà.

Èyí tó dùn mí jù ni «tí ariwo wa bá». Ògiri kan ló wà láàárín yín, sípíkà sì dún títí di aago kan òru. Kí ni «tí… bá» ń wá níbẹ̀? Ṣe ni yóò dà bíi pé o ń ṣiyèméjì bóyá wọ́n gbọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà, yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ìyá ò mọ̀ wọ́n, ìwọ ni wọ́n mọ̀. Sọ ohun tí o ṣe, sọ ìyà tí o fi jẹ ìyá, kí o sì ṣèlérí ohun tí agbára rẹ ká. Má kọ «kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé», torí ọdún tuntun ń bọ̀.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ rèé:

«Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo jẹ́ kí orin dún títí di aago kan òru àná, mi ò jẹ́ kí ẹ sùn, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ìdájí lẹ máa ń jáde lọ gbé búrẹ́dì. Ẹ̀bi mi ni. Láti òní lọ, bí a bá ń ṣe nǹkan, màá kọ́kọ́ sọ fún yín, a ó sì pa sípíkà ní aago mẹ́wàá. Màá wá kí yín nírọ̀lẹ́.»

Bí o bá kọ ọ́ báyìí, rí i pé o lọ nírọ̀lẹ́ náà lóòótọ́, kí o sì kúnlẹ̀ kí wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò tó fún àgbà.