Gbèsè Ọdún 2018: Ṣé Ẹjọ́ Mi Ti Kọjá Àkókò?

Ìbéèrè: Mo tẹ ìwé àti kálẹ́ńdà fún ẹni tó ni iléèwé kan níbí ní Ọbanikóró. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé yóò san ₦1,850,000 ní 31 Oṣù Kẹwàá, 2018. Kò san án. Àwọn àgbà àdúgbò bá wa dá sí i, ó sì fi ₦200,000 ránṣẹ́ sí báńkì mi ní 14 Oṣù Kẹfà, 2021. Láti ìgbà náà, “ẹ ní sùúrù” ló ń sọ. Ẹnìkan ní ẹjọ́ mi ti kú. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Atẹ̀wé, Ọbanikóró

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá wa. Ẹjọ́ yín kò tíì kú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó kú.

Òfin gbèdéke àkókò ìpínlẹ̀ Èkó fún ẹni tí wọ́n jẹ lówó lórí àdéhùn ní ọdún 6 láti pẹjọ́. Ọjọ́ tó yẹ kí onígbèsè san tí kò san ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tiyín ì bá ti parí ní ìparí Oṣù Kẹwàá, 2024. Lẹ́yìn ìyẹn, gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àmọ́ kí agbẹjọ́rò rẹ̀ ṣáà ti sọ pé àkókò ti kọjá, adájọ́ yóò fi ọjọ́ tó wà nínú ìwé ẹ̀sùn yín wé ọjọ́ tí ẹ pẹjọ́. Bí ọdún bá ti lé, kò ní í débi pé a ń wò bóyá iṣẹ́ yín dára.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé sùúrù ló ń pa ẹjọ́ báyìí láàárín wa. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ la máa ń wí, a ó sì máa bẹ àgbà. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC ní 1994, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ọ́ gbangba pé ìdúnàádúrà kì í dá àkókò dúró.

₦200,000 yẹn ló yọ yín. Bí onígbèsè bá san lára gbèsè kí ọdún 6 tó pé, kíkà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó san án. Nítorí náà, ẹ ní àyè títí di Oṣù Kẹfà, 2027. Àmọ́ onígbèsè yín lè sọ pé owó iṣẹ́ mìíràn ni. Ẹ gba sitétíméǹtì báńkì, kí ẹ sì wo ohun tó kọ sára owó náà àti àwọn ọ̀rọ̀ Wásáàpù ọ̀sẹ̀ yẹn. Bó bá gbà láti fọwọ́ sí ìwé pé òun ṣì jẹ yín ní ₦1,650,000, kíkà á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ sí i. Ìlérí ẹnu lásán kò ṣe é.

Kóòtù ẹjọ́ owó kékeré ní Èkó ń gbọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ẹ kọ lẹ́tà ìbéèrè owó sí onígbèsè yín, kí ẹ sì pẹjọ́ níbẹ̀ bí kò bá san. Ọjọ́ tí ìwé wọ kóòtù ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ẹ má dúró de 2027 o.