Lílé àti Ègbè Láàrin Ọjà: Bí A Ṣe Kọ Ọ̀rọ̀ Ìdènà Ibà fún Àwọn Ìyá Ọjà

Nígbà tí wọ́n ní kí àwa mẹ́rin kọ ọ̀rọ̀ ìlera fún ìpàdé àwọn ìyá ọjà kan tí kò jìnnà sí ọgbà wa, èmi ni wọ́n gbé gègé lé lọ́wọ́, torí pé èmi nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè láàrin wa. Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ rèé:

Lílé: Ṣé ẹ ń sùn nínú àwọ̀n?
Ègbè: Bẹ́ẹ̀ ni!
Lílé: Ṣé ẹ ń da omi tó dúró nù?
Ègbè: Bẹ́ẹ̀ ni!

Ẹ̀yin náà mọ irú ìdáhùn yìí. Òun là ń fún olùkọ́ nígbà tó bá bi wá bóyá ẹ̀kọ́ yé wa. "Bẹ́ẹ̀ ni" kò gbé ìmọ̀ kankan dání. Ẹni tí kò ní àwọ̀n nílé rárá lè fi ohùn gooro pariwo rẹ̀. Nínú orin wa, ègbè ni àwọn èèyàn máa ń gbé lọ sílé, lílé kì í bá wọn lọ. Nítorí náà, ohun tí a bá fẹ́ kí wọ́n rántí ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu àwọn elégbè. Mo yí i padà: lílé á sọ ìṣòro, ègbè á sọ ohun tí a ó ṣe.

Lílé: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọjà o! Ajé á wọgbá o!
Ègbè: Àṣẹ!
Lílé: Ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ ti sùn, ibo la ó tẹ́ ẹ sí?
Ègbè: Inú àwọ̀n!
Lílé: Aboyún ilé ńkọ́, ibo ni yóò sùn?
Ègbè: Inú àwọ̀n!
Lílé: Ooru ń mú, iná ò sí, ibo la ó sùn?
Ègbè: Inú àwọ̀n!

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọ̀n la fi ṣáájú, tí kì í ṣe gọ́tà? Ẹ̀fọn tó ń gbé kòkòrò ibà, anọ́fílíìsì, abo rẹ̀ ló ń jẹni, àárín òru títí dìgbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ló sì máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jù. Ìgbà tí a bá sùn ló ń rí wa mú. Omi gọ́tà tó ń rùn kì í sábà jẹ́ ibi tó ń yé ẹyin sí. Irú ẹ̀fọn mìíràn ló fẹ́ràn ibẹ̀. Omi òjò tó dúró sójú oòrùn, nínú ipa táyà àti ojú ẹsẹ̀ màlúù, ni tirẹ̀.

Ohùn ọ̀rọ̀ ni ìṣòro tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan lára wa fẹ́ fi ègbè náà sórí ohùn orin ìgbéyàwó kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ohùn orin náà gòkè díẹ̀ níparí, "inú àwọ̀n" sì di "inú àwọn". Inú àwọn wo? Nígbà tó gbìyànjú "Ẹ̀fọn ni!" lórí orin kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ó sì já sílẹ̀, ẹ̀fọn tó ń jẹni wá di ẹfọ̀n inú igbó. A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ bí èyí bá ṣẹlẹ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún obìnrin, ẹ̀rín yẹn nìkan ni wọn yóò gbé délé. A pa orin tì. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ gan-an la ṣe pe ègbè náà, a sì fi àtẹ́wọ́ lé e. Ẹ kọ́kọ́ sọ ègbè yín láìkọrin, kí ẹ wá wá ohùn tó bá a mu. Ẹ má ṣe yan orin kí ẹ tó ní ọ̀rọ̀.

Ìdá kejì ọ̀rọ̀ náà ló kó mi sí wàhálà jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé oòrùn tàbí epo ló ń fa ibà, mo sì fẹ́ tú ìgbàgbọ́ yẹn:

Lílé: Oòrùn pa mí lánàá, ibà mú mi lónìí, ta ló gbé e wá?
Ègbè: Ẹ̀fọn ni!
Lílé: Mo jẹ dòdò, epo pọ̀ jù, ara mi gbóná, ta ló fà á?
Ègbè: Ẹ̀fọn ni!

Wọ́n gbé e dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan tó ń ta ata dìde, ó ní, "Ọmọ mi, ara mi ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti ra oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Ṣé ẹ̀fọn náà ni?" Nọ́ọ̀sì tó bá wa lọ ló dá a lóhùn pé kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn, pé kí ó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó gbé oògùn mìíràn mì. Ojú tì mí. Ní èdè wa, "ibà" lè jẹ́ ara gbígbóná lásán, ó sì lè jẹ́ àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé wá. Ègbè mi ti so méjèèjì pọ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rán ìyá yìí padà sọ́dọ̀ olóògùn. Àtúnṣe rèé:

Lílé: Ara ọmọ gbóná lóru, ilẹ̀ mọ́, kí la ó ṣe?
Ègbè: Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò!
Lílé: Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ibà ni, ọjọ́ mélòó la ó fi lo oògùn?
Ègbè: Mẹ́ta pé!

Wọn yóò gún ìka, ẹ̀jẹ̀ kán kan péré, èsì á sì jáde láàrin nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. "Pé" ló ṣe pàtàkì nínú ègbè kejì, torí ọ̀pọ̀ ló ń dá oògùn dúró lọ́jọ́ kejì tí ara bá ti fúyẹ́.

Ti omi kò gùn. Ọjà ọrọọrún ni ọjà yìí, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàrin ọjọ́ ọjà kan sí èkejì bí a bá ń kà á bí àwọn olóyìnbó. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan, ó sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹyin ẹ̀fọn tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Dípò "lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀", mo kọ ọ́ pé: "Ọrún pé, kí la ó dà nù?" "Omi ni!" Kò sẹ́ni tó ń gbàgbé ọjọ́ ọjà.

Ohun kan kù tí ẹ ó fi etí sí bí ẹ bá ń lo irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlà ooru yẹn, ohùn wọn rẹlẹ̀ níbẹ̀. Lórí ọmọ àti aboyún wọ́n pariwo. Nígbà tó kan ooru, ìdajì ló dáhùn. Mo fẹ́ tún un pè kí wọ́n lè pariwo sí i, àmọ́ nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú, ó sì bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní àwọ̀n tuntun ń ta àwọn lára, ooru rẹ̀ sì pọ̀. Ó ṣàlàyé pé kí wọ́n tú u, kí wọ́n sá a síbi òjìji fún ọjọ́ kan kí wọ́n tó sùn sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má fọ̀ ọ́ léraléra, kí wọ́n sì má sá a sóòrùn, torí oòrùn ń pa oògùn ara rẹ̀. Ti ooru, kò purọ́ fún wọn. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ sùn síta nítorí ooru, ẹ so àwọ̀n mọ́ igi níta, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní.

Ìyá àgbà kan ló parí rẹ̀ fún wa. Ó ní, "Ẹ tún un pè." Mo pè é: "Ooru ń mú, a bọ́ síta, ibo la ó sùn?" Wọ́n dáhùn báyìí, ohùn wọn sì pé.