Kí Ló Dé Tí Èdè Fi Pọ̀ ní Àkókó, Tí Kò Fi Pọ̀ n'Ìbàdàn?

Ẹni tó bá gbéra l'Ọ́jà'ba, tó gba Mápó lọ sí Bẹẹrẹ, tó sì yà sí Bẹyẹrúnkà, Yorùbá Ìbàdàn kan náà ni yóò máa gbọ́. Ní Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Arigidi ní èdè tiwọn. Akpes ni wọ́n ń sọ ní Ìkáràmù. Ukaan ni ti Àúgá. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Nínú Ukaan, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ a máa yí padà bí nǹkan bá ti ju ẹyọ kan lọ. Àwa ń sọ pé 'ilé kan, ilé méjì', 'ilé' kò sì yí padà.

Kí ló fà á? Daniel Nettle wo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1990. Ó ní níbi tí òjò bá ti ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀, abúlé kékeré lè bọ́ ara rẹ̀, kò sì ní láti bá ará ọ̀nà jíjìn dòwò pọ̀ kó tó jẹun. Níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti gùn, ẹni tí iṣu rẹ̀ kò ta a nílò ọ̀rẹ́ níbòmíràn. Èdè kan náà ni yóò sì so wọ́n pọ̀.

Àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Òjò ń rọ̀ n'Ìbàdàn náà. Ní nǹkan bí 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ló tẹ̀dó sí agbègbè Ọjà'ba, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè tirẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá kó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1830. Lẹ́yìn ogun Gbánámú, ní nǹkan bí 1833, agbára bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tà, tó fẹ́ rà, tàbí tó fẹ́ oyè ogun, ó di dandan kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wọn. Bí ìsọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ṣe borí nìyẹn.

Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò rí Àkókó kó jọ sábẹ́ ọba kan. Nígbà tí ogun Tápà àti ogun Ìbàdàn ń kó wọn lẹ́rú ní ọ̀rúndún 19, orí òkè ni ìlú kọ̀ọ̀kan sá sí. Kí a má ṣe rò pé ogun ló bí àwọn èdè náà. Wọ́n ti wà tipẹ́. Òkè kàn ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá wà ni.

Nítorí náà, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló ń pín èdè. Bí àwọn èèyàn ṣe nílò ara wọn tó náà ń pín in. Lónìí, ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà ti dé Àkókó, Yorùbá sì ni èdè wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀ka-èdè l'Ọ́jà'ba ti ń ṣẹlẹ̀ sí odindi èdè níbẹ̀: àgbà ń sọ ọ́, ọmọ ń fi Yorùbá dáhùn.