Lẹ́yìn tí Àlejò Olùkọ́ Bá Ti Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ káàkiri Adó-Èkìtì, ìwé ìdúpẹ́ tí mo ń rí lọ́wọ́ yín kì í ju "ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò san án fún yín" lọ. Àdúrà dáa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe kí ni, ìgbà wo?

Ká ní ẹ pe ọ̀gá àgbẹ̀ kan láti Ìgèdè, wọ́n wá kọ́ yín bí a ṣe ń bo kòkó kí a tó sá a, ẹ sì gbà á sí fídíò. Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ jókòó ti fídíò náà, kí ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni ti sọ pé "màá" sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní "màá fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé", ìlérí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún wá, tí wọ́n ní "màá wò ó", àgbà ló fi ọ̀wọ̀ dá yín lóhùn yẹn. Ẹ má kọ ọ́ sí ìlérí. Owó ọkọ̀ tí alága yín sọ lórí fóònù kò sí nínú fídíò, ẹ bi í léèrè. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá kọ ọ́ báyìí, kó tó pé ọjọ́ méjì:

"Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, sà. Nígbà tí ẹ fi ọ̀bẹ la hóró kòkó, tí ẹ ní èyí tí inú rẹ̀ ṣe eérú kò pẹ́ tó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa lọ la tiwa wò. Ẹ ní ẹ ó fi ìwé ojú-ewé méjì ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Àwa yóò san ₦8,000 owó ọkọ̀ yín kó tó di Ọjọ́rú, a ó sì kọ́kọ́ fi fídíò hàn yín. Ṣé kí a yọ ohun tí ẹ sọ nípa àwọn tó ń ra kòkó? Ṣé ẹ gbà kí àwọn àgbẹ̀ mìíràn wo ìyókù? Bí a bá ṣì yín gbọ́ níbì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

Ẹ kíyè sí ìbéèrè méjì tó kẹ́yìn yẹn. Pé wọ́n jẹ́ kí ẹ ya fídíò kò túmọ̀ sí pé wọ́n ní kí ẹ gbé e síta. Òfin ọdún 2022 tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́ iṣẹ́ tó ní olóhun, bí ẹ bá sì fẹ́ kó di ti ẹgbẹ́ yín nìkan, ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ohun tí wọ́n sọ nípa àwọn oníṣòwò lè bí ẹlòmíràn nínú, olùkọ́ yín ni yóò sì kọ́kọ́ fara gbá a ní Ìgèdè.

Fún àgbà, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù kí wọn, kí ẹ tó fi ìwé ṣọwọ́ lórí Wọ́tsáàpù. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ tún pè wọ́n. Ẹ má gbé fídíò náà síta kí wọ́n tó dá yín lóhùn.